Ẹni Tí A Bí Lọ́dún 1964: Ìran Wo Ló Wà?

Nígbà tí Donald Trump àti Kamala Harris dojú kọ ara wọn nínú ìbò ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, ìṣirò ọdún ìbí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀ ka àwọn méjèèjì mọ́ ìran kan náà, ìran tí wọ́n ń pè ní Búmà. A bí Trump ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ọdún 1946. A bí Harris ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 1964. Lọ́jọ́ tí ìyá Harris ń rọbí ní ìlú Oakland, Trump ti pé ọmọ ọdún 18, ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti wọ yunifásítì ní New York. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ ju ènìyàn lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Ó lè ti bí irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìjọba nìkan. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni orúkọ àwọn ìran wọ̀nyí ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ á ní òun kò fẹ́ gba Jẹn Sí síṣẹ́ mọ́ nítorí wọn kì í dúró. Ọmọ á sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìwà Búmà ló ń hù. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹni tí a bí lọ́dún 1996 àti àbúrò rẹ̀ tí a bí lọ́dún 1997 á máa bá ara wọn jà bí ẹni pé odò ńlá kan ló wà láàárín wọn. Ó wá yẹ kí a béèrè ẹni tí ó fa ààlà náà, ohun tí ó fi fà á, àti ìdí tí ènìyàn kan náà fi lè wà ní apá ọ̀tún rẹ̀ lọ́wọ́ onímọ̀ kan kí ó sì wà ní apá òsì lọ́wọ́ òmíràn.

Nínú gbogbo àwọn orúkọ wọ̀nyí, Búmà nìkan ni ó ní ẹsẹ̀ tí a lè fọwọ́ kà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà padà sílé, wọ́n gbéyàwó, ìkọ́mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Lọ́dún 1945, àwọn ọmọ tí a bí ní orílẹ̀-èdè náà tó mílíọ̀nù 2.9. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n di mílíọ̀nù 3.4. Iye náà ń gòkè títí di ọdún 1957, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mílíọ̀nù 4.3. Láti ọdún 1954 títí di ọdún 1964, kò sí ọdún kan tí iye náà wá sísàlẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìgbà tí ó di ọdún 1965 ni ó já sísàlẹ̀ rẹ̀. Òògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró ti wà lọ́jà láti ọdún 1960, àwọn obìnrin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iye ọmọ tí wọ́n fẹ́. Òkè tí iye ọmọ gùn láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ìran náà lórúkọ: ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ìbúrẹ́kẹ́ ọmọ.

Ó yẹ kí òǹkàwé fi ojú sí ohun kan níbí. Ààlà 1946 àti 1964 jẹ́ ààlà iye ọmọ. Ó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́dún 1952, tàbí iye owó ìfẹ̀yìntì tí yóò jáde nígbà tí àwọn ọmọ náà bá darúgbó. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwà. Ìgbà tí ó yá ni àwọn ènìyàn mú ààlà tí a fà fún ìṣirò bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ààlà ọkàn.

Ààlà ìbí náà pàápàá kò tún gún tó bí a ṣe rò. Àjọ ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ pé ìran kan ṣoṣo yìí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ là sílẹ̀, máa ń kà á láti àárín ọdún 1946 dé àárín ọdún 1964, nítorí àwọn ọmọ tí àwọn ológun wá bí lẹ́yìn ogun kò lè ti dé kí ọdún 1946 tó dé ìdajì. Bí a bá wá gba ọ̀rọ̀ yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, tí a fi ọjọ́ kìíní oṣù Keje ṣe àárín ọdún, Trump ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ yára dé sáyé, Harris sì ti fi oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ pẹ́. Àwọn méjèèjì tí gbogbo ayé pè ní Búmà bọ́ sí ìta ilé náà, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ìkejì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn títí débẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí okùn náà ti tínínrín tó.

Ohun tí ó ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀ ní ti gidi ni ogun Vietnam. Ìjọba Amẹ́ríkà ń fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun nígbà náà. Ọkùnrin tí a bí lọ́dún 1946 gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe sí ìwé ìpè náà: kí ó lọ, kí ó sá, tàbí kí ó wá àyè àtibọ́. Trump fúnra rẹ̀ gba ìyọ̀ǹda nítorí pé ó ń kàwé, ó sì tún gba òmíràn nítorí àìlera nígbà tí ó kàwé tán. George W. Bush àti Bill Clinton, tí a bí ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún 1946 kan náà, ní tiwọn láti yanjú, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe nígbà náà kò sì yé é máa tẹ̀ lé e kiri nígbà tí ó dé ibi ìbò ààrẹ. Àṣẹ ìkónisógun náà parí lọ́dún 1973. Àwọn tí a bí lọ́dún 1952 ni wọ́n mú kẹ́yìn. Ẹni tí a bí lọ́dún 1953 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gba ìpè. Nítorí náà, àárín ìran Búmà gan-an ni ààlà tí ó tóbi jù nínú ayé àwọn ọkùnrin ìgbà yẹn gbà kọjá, kì í sì í ṣe ẹ̀bá rẹ̀. Harris jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Karl Mannheim, tí a bí ní Budapest lọ́dún 1893, ti kọ̀wé lórí irú ọ̀ràn yìí lọ́dún 1928, ní èdè Jámánì, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa Búmà. Ohun tí ó sọ ni pé ọdún ìbí kì í dá ìran sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni kí ó gbé ènìyàn sí ibì kan nínú ìtàn, níbi tí nǹkan kan náà ti lè ṣẹlẹ̀ sí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkàn wọn ṣì rọ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kò bá wá, tàbí tí ó wá ṣùgbọ́n tí kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ọdún kan náà á kọjá lára wọn láìso wọ́n pọ̀. Ó tún ní àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà bá dé bá lè pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó lọ sí Vietnam àti ẹni tí ó jáde sí ìgboro láti tako ogun náà jẹ́ ọmọ ìran kan, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn.

Lọ́dún 1991, àwọn ọkùnrin méjì, William Strauss àti Neil Howe, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìtàn Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran. Ìwà àti ìrántí ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n dípò iye ọmọ. Wọ́n ní Búmà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1943, ó sì parí lọ́dún 1960. Ìran tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí a wá ń pè ní Ìran X lónìí, wọ́n kà á láti 1961 dé 1981. Àwọn tí a bí láti 1982 ni wọ́n sọ ní Mìlẹ́níà, nítorí àwọn ọmọ ọdún 1982 ni yóò jáde girama lọ́dún 2000, ní ìparí ẹgbẹ̀rún ọdún. Lójú àwọn méjèèjì yìí, Kamala Harris kì í ṣe Búmà rárá. Barack Obama, tí a bí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1961, bọ́ sí ẹnu ọ̀nà Ìran X gan-an, nígbà tí àwọn tí ń ka iye ọmọ ṣì gbé e sáàárín Búmà.

Ọdún 1991 kan náà ni Douglas Coupland, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, kọ ìtàn-àròsọ tí ó mú kí orúkọ Ìran X tàn ká ayé. Nípa àwọn ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ni ó kọ ọ́, àwọn tí wọ́n súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún, tí ó rẹ̀ wọ́n láti máa gbọ́ ìtàn àwọn Búmà tí ó ṣáájú wọn. A bí Coupland ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá ọdún 1961. Lónìí, bí ènìyàn bá wo ìṣirò tí ó gbajúmọ̀ jù, Ìran X bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ kò sí lára àwọn tí orúkọ náà ń jẹ́. Búmà ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Obama fúnra rẹ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pín òun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Selma, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti jìyà nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́dún 1965, ó pe àwọn àgbà tí wọ́n rìn nígbà náà ní ìran Mósè, ó sì pe ara rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìran Jóṣúà, àwọn tí a kò bí sínú ìrìn náà ṣùgbọ́n tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Kò fi ọdún ìbí kankan sí i. Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì mọ ibi tí òun wà, ìpínsísọ̀rí náà sì bá ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú mu ju Búmà lọ.

Ìṣirò tí àwọn oníròyìn ń lò jù wá láti ọwọ́ àjọ ìwádìí Pew ní Washington. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ọ̀gá àjọ náà, Michael Dimock, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gé Mìlẹ́níà sí ọdún 1981 dé 1996, tí ẹni tí a bí láti 1997 sì di Jẹn Sí. Ó mẹ́nu ba ìkọlù ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ọmọ tí a bí lọ́dún 1996 pé ọdún márùn-ún lọ́dún náà, ó lè rántí ohun tí ó rí. Èyí tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ kò dájú pé yóò rántí. Ó tún mẹ́nu ba fóònù aláfọwọ́tẹ̀ tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde lọ́dún 2007, nígbà tí àgbà nínú àwọn Jẹn Sí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìdí kan sì tún wà tí kò ní ìtàn kankan nínú: gígé e sí 1996 mú kí Mìlẹ́níà gùn ní ọdún 16, bákan náà pẹ̀lú Ìran X. Àjọ náà kò fi pamọ́ pé àwọn ààlà wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Jean Twenge, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ó ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, gé tirẹ̀ sí 1994. Nítorí náà, ẹni tí a bí lọ́dún 1995 lè jí ní Mìlẹ́níà kí ó sì sùn ní Jẹn Sí, ó kù sí ìwé tí ó bá kà lọ́jọ́ náà.

Wàhálà tí ó jinlẹ̀ jù kò sí lára ọdún kan tàbí méjì tí ó yẹ̀. Ó wà nínú ohun tí a ń fi ìran ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó ní Jẹn Sí kì í dúró síṣẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí a bí lọ́dún 1999 jẹ́ ọmọ ọdún 25 lọ́dún 2024. Ohun mẹ́ta ni ó lè fa ìwà rẹ̀. Ó lè jẹ́ nítorí pé ọdún 1999 ni a bí i. Ó lè jẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ọdún 25, tí kò ní aya tàbí ọmọ tí yóò mú un dúró, bí ọ̀gá náà pàápàá kò ṣe dúró síbì kan nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 25. Ó sì lè jẹ́ nítorí ohun tí ọdún 2024 ṣe sí owó náírà àti owó ọkọ̀, èyí tí ó ń lé àgbà àti ọmọdé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bákan náà. Ẹni tí ó bá wo ọdún 2024 nìkan kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọdún ìbí pẹ̀lú ọjọ́ orí ni ọdún tí a wà. Bí méjì bá ti dúró, ìkẹta ti dúró pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó kéré jù tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó wá àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 25 tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2004 àti 2014, kí ó gbé wọn síwájú ara wọn. Bí àwọn náà bá ti ń lọ lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ orí ni ó ń bá jà, kì í ṣe ìran.

Nítorí irú àṣìṣe yìí ni Philip Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Maryland, fi kọ lẹ́tà sí àjọ Pew lọ́dún 2021, tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ju 150 lọ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n bẹ àjọ náà pé kí ó jáwọ́ nínú lílo orúkọ ìran. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Pew kéde pé òun kò ní máa sáré lo àwọn orúkọ náà mọ́, àti pé òun yóò fi ìran wé ìran kìkì nígbà tí àkọsílẹ̀ àtijọ́ bá wà tí yóò jẹ́ kí òun fi ọmọ ogún ọdún àná wé ọmọ ogún ọdún òní. Ìròyìn náà kò tàn ká tó orúkọ tí wọ́n ti fún wa.

Bí ààlà náà bá mì tó báyìí nílé rẹ̀, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá rìnrìn àjò? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye ọmọ gùn lẹ́yìn ogun, ó rọlẹ̀, ó sì tún gùn débi gíga mìíràn lọ́dún 1964, ọdún tí wọ́n ní Búmà parí ní Amẹ́ríkà. Ní Japan, àwọn tí a bí láàárín 1947 àti 1949 péré ni wọ́n ní orúkọ irú ìyẹn. Ní Nàìjíríà, kò sí òkè ìbí tí ó dìde lójijì lọ́dún 1946 tí ó sì wó lọ́dún 1964. Àwọn ìyá wa ń bí ọmọ mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe bàbá tí a bí ní Ìṣẹ́yìn lọ́dún 1950 ní Búmà ti fi ìtàn ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ọdún yẹn ni ó pín ọmọ ìyá sí méjì: ẹ̀gbọ́n tí ó ti dàgbà sí oko, àti àbúrò tí ó mú síléètì lọ sí kíláàsì.

Ní ti ààlà Mìlẹ́níà àti Jẹn Sí, bí a bá fi ọgbọ́n Pew náà wọn ọ̀rọ̀ wa, ibì kan tí ó yani lẹ́nu ni yóò gbé wa lọ. Àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Ọmọ ọdún márùn-ún lọ́dún náà ni a bí lọ́dún 1994. Fóònù alágbèéká tòde òní bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà sì ni a bí lọ́dún 1996. Ó ṣe kòńgẹ́ ààlà Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àti pé síìmù ọdún 2001 jẹ́ ohun olówó iyebíye. Ọmọ Ìkòyí tí a bí lọ́dún 1996 bá fóònù nínú ilé, ọmọ abúlé kan ní Òkè-Ògùn tí a bí lọ́jọ́ kan náà kò rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orúkọ kan wà tí a fi ẹnu ara wa sọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì láti tako ìwà ọlọ́pàá SARS, wọ́n ń pe ara wọn ní ìran Sọ̀rọ̀ Sókè. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kí ó tó gba ẹnikẹ́ni láyè níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni wọ́n fi mọ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Mannheim ti wí. Ìwé ẹ̀rí náà pàápàá ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Ogun Hitler tàbí oyè ọba kan ni ọ̀pọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí, àwọn òṣìṣẹ́ ìkànìyàn sì máa ń mú ìtòlẹ́sẹẹsẹ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ dání láti fi fojú dá a. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí tí ó parí sí òdo tàbí márùn-ún fi máa ń pọ̀ jọjọ nínú ìwé wọn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ènìyàn ti lè rí ààlà tí kò mì. Régbérégbé ibẹ̀ máa ń kó àwọn tí a bí láàárín ọdún mẹ́ta pọ̀, wọ́n ní orúkọ tiwọn, ìpàdé tiwọn, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá, àti aṣọ tí wọ́n jọ ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nípàdé, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ bí kò bá wá. Bí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Trump àti Harris sí, ọdún 18 tí ó wà láàárín wọn á gba ẹgbẹ́ mẹ́fà, Harris á sì kúnlẹ̀ kí i kí àríyànjiyàn ìbò tó bẹ̀rẹ̀.